Bí Aránṣọ Ṣe Ń Kọ Àfikún Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ Nígbà Ojúde Ọba

Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú Iléyá ni àsìkò tí aránṣọ Ìjẹ̀bú-Òde máa ń di aṣọ lẹ́rù lọ bá aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó gba òun. Ojúde Ọba ló ń fà á. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe ọdún náà níwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, máa ń jáde lọ́kùnrin lóbìnrin láti kí ọba, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ kan náà. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí oyè ní ọdún 1960 tó sì wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ló jí ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde láyé òde òní. Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì dán ju tòun lọ lójúde. Èkó ni wọ́n ti ń rán díẹ̀ lára aṣọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni àwọn télọ̀ ìlú ń rán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ kan náà.

Ọjọ́ ọdún náà kì í dúró lójú kan. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá, Ojúde Ọba sì bọ́ sí ọjọ́ 18. Ní ọdún 2025, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, Ojúde Ọba sì di ọjọ́ 8. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí náà ọjọ́ bíi mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni ọdún náà fi ń yára dé sí i lọ́dọọdún. Ó tún ku ohun mìíràn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dúl-Híjjà ni Iléyá, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ọjọ́ náà títí a ó fi rí oṣù. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ kìíní Dúl-Híjjà ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń dúró de ìkéde kó tó san owó aṣọ ẹgbẹ́ kò wá ní ju ọjọ́ bíi mẹ́sàn-án lọ kí ọdún tó dé. Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Aránṣọ tó ti ń rán aṣọ fún wọn láti ọdún pípẹ́ kò ní lè lé wọn padà. Yóò gba aṣọ wọn, yóò wò ó pé ó ti ju agbára òun lọ, yóò sì gbé ohun tó ṣẹ́kù lé èjìká lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ẹni tí wọ́n gbé e wá bá kò lè kàn sọ pé rárá. Ẹni tó gbé aṣọ wá ni yóò yá a ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bí tirẹ̀ bá ṣẹ́ lóru ọ̀la. Òun náà ni yóò bá a jókòó nígbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù, òun ni yóò sì gbèjà rẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ. Nígbà mìíràn, ẹni náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tàbí kó jẹ́ pé abẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, bó bá gbà á tán, aṣọ àwọn oníbàárà tirẹ̀ ni yóò pẹ́, àwọn wọ̀nyẹn kò sì mọ ẹ̀gbọ́n kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí aránṣọ tó gbọ́n kì í fi kọ iṣẹ́ lásán. Ó ń kọ odindi, ó sì ń fi ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ ká rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ̀n yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, inú ìwé ni wọ́n sì ti ń rí i. Aránṣọ tó bá fi orí lásán ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa rò pé àyè ṣì wà, nítorí pé aṣọ tó wà nílẹ̀ nìkan ló ń rí; kì í rí àwọn tí yóò padà wá fún àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí á mú aránṣọ kan ní àdúgbò Mọ́lípà, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, tó ku ọjọ́ 11 fún un láti ṣiṣẹ́ kó tó ti ìsọ̀ fún Iléyá. Bùbá àti ṣòkòtò 14 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà á láti gé títí dé rírán tán, èyí jẹ́ ọjọ́ 7. Agbádá 4 tún wà, òun kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn wọn, ẹlẹ́rọ ọnà ló ń gbé e fún, nítorí náà ìdajì ọjọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ tirẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 2. Ó di 9. Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà fún àtúnṣe, nítorí pé kò sí ọdún tí ẹnìkan kò ní wọ ṣòkòtò wò kó sọ pé ó fún òun ní itan. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, wákàtí mẹ́wàá.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni aránṣọ mìíràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọlé láti ìhà Òkè-Ajé. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ru àpò gínnì sẹ́yìn. Aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ni, aṣọ èèyàn 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbádá, bùbá àti ṣòkòtò. Ó fẹ́ kí àbúrò gba òun. Bí a bá fi ìṣirò tó wà lókè wò ó, aṣọ ẹnìkan yóò gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ará Mọ́lípà, aṣọ 8 yóò sì gba ọjọ́ 8. Ọjọ́ kan ló ní.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn aránṣọ tí kò fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo ni pé kó gba aṣọ èèyàn kan tàbí méjì. Ní ti wákàtí, èyí tó jẹ́ kan lè ṣeé ṣe. Ní ti Ojúde Ọba, ó léwu. Aṣọ ẹgbẹ́ ni. Àwọn mẹ́jọ yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọba àti lójú àwọn ayàwòrán. Bí ọrùn bùbá kan bá fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, tàbí tí apá agbádá kan bá gùn ju, gbogbo ayé ni yóò rí i. Ọwọ́ aránṣọ méjì kì í jọra, kódà bí téépù kan náà ni wọ́n fi wọn aṣọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì kọ́kọ́ kàn ni ẹ̀gbọ́n tó gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ṣòkòtò ni ibi tí ọ̀nà wà. Agbádá àti bùbá bò ó; kìkì ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń yọ, èyí kò sì ju ìṣẹ́tí tó dọ́gba lọ. Kò gba ọnà, kò gba bọ́tìnnì. Bí ẹni tó ni aṣọ bá ti gé e, títò àti rírán rẹ̀ pẹ̀lú ibi okùn kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ fún ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ṣòkòtò 6 jẹ́ wákàtí 9, ó sì wọ inú ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú wákàtí kan tó ṣẹ́kù fún ìgbà tí iná bá lọ. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè odindi ọjọ́ kan lọ́nà yìí, gbogbo ohun tí ojú yóò rí lójúde sì ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ṣòkòtò méjì tó kù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rán an.

Ní ìsọ̀ aránṣọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí:

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọdún. Ẹ ṣé tí ẹ rántí mi. Odindi rẹ̀ kò ní ṣeé ṣe fún mi ṣáájú Iléyá. Ẹ wo ìwé yìí, ọjọ́ kan péré ló kù lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé ṣòkòtò mẹ́fà wá ní alẹ́ Ọjọ́rú, pẹ̀lú òwú yín, mo máa fi lé yín lọ́wọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ jẹ́ kí bùbá àti agbádá wà lọ́dọ̀ yín, kí ọwọ́ má baà yàtọ̀.”

Ìkíni kò ṣeé fò, nítorí àgbà ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkíni àti ọpẹ́, kíkọ̀ ló tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, àlàyé tó wá lẹ́yìn. Bí àlàyé bá ṣáájú, ẹ̀gbọ́n yóò máa fèsì sí i ní ẹyọ ẹyọ: bí a bá ní iná kò sí, yóò ní òun yóò ra epo, bí a bá ní ọmọ iṣẹ́ ń ṣàìsàn, yóò ní òun yóò yá a ní tòun. Kí àlàyé tó tán, iṣẹ́ ti di gbígbà. Àlàyé náà kò sì ju ẹyọ kan lọ, ó wà nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ aránṣọ sì lè kà á fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní iye, ó ní ọjọ́ tí yóò wọlé, ó ní ọjọ́ tí yóò jáde, ó sì sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀, ìyẹn gígé àti òwú. Òwú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: àwọ̀ búlúù kan lè ní oríṣi mẹ́ta lọ́jà, èyí tí kò bá bá gínnì mu yóò hàn gbangba ní ìṣẹ́tí.

Ẹ̀gbọ́n kì í sábà gbà lẹ́ẹ̀kan. “Ṣòkòtò nìkan kẹ̀? Ìwọ tí mo mọ̀ yìí?” Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, nítorí pé wọ́n ń wá ìdí tuntun, ìdí tuntun kọ̀ọ̀kan sì ń mú kí èyí àkọ́kọ́ dà bí irọ́. Èsì tó dúró ni pé ọjọ́ kan náà kò yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló lè yí: “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kan yẹn náà ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí n fi rán odindi aṣọ ẹnìkan dípò ṣòkòtò mẹ́fà, mo lè ṣe é. Méjèèjì kò lè gba inú ọjọ́ kan.” Èyí fi ipò ẹ̀gbọ́n fún ẹ̀gbọ́n, torí òun ló ń yàn, àmọ́ wákàtí kò lé ní mẹ́wàá. Ó tún lè bi í ní ìbéèrè kan tó wúlò ju àánú lọ: èwo nínú iṣẹ́ tó wà ní ìsọ̀ wọn ni kì í ṣe ti Ojúde Ọba? Aṣọ ìgbéyàwó tó kù lẹ́yìn ọdún, aṣọ ilé-ìwé, ìró tí wọ́n fẹ́ ṣẹ́ létí, gbogbo ìwọ̀nyí lè sún sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọdún, nígbà tí ìsọ̀ máa ń dákẹ́. Ará Mọ́lípà lè ṣèlérí láti gba apá tó pọ̀ níbẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti ṣófo. Àìmọye ìgbà ni ẹni tó wà nínú ìdààmú kì í rántí pé gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀ kọ́ ló ní ọjọ́ kan náà.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó dára, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ti lè bàjẹ́. Èèyàn lè yá ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ lóru, kí ọmọ iṣẹ́ wọn wá lò ó láti aago mẹ́jọ alẹ́. Ó dára bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ oníná, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé e, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo òru kan kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe àánú. Ẹni tí yóò ra epo, ẹni tí yóò san án bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ tàbí tí ẹ̀rọ bá kọ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí òru tó dé. Yíyá ẹ̀gbọ́n ní ọmọ iṣẹ́ túbọ̀ le. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní Mọ́lípà tó tún lọ jókòó títí di aago méjì òru ní Òkè-Ajé yóò padà wá fi oorun gé aṣọ ọ̀gá rẹ̀. Ó sì yẹ kí òbí ọmọ mọ̀. Bó bá ṣe dandan, òru kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tó burú jù nínú àwọn ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò ni fífi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀: “Ẹ lọ bá aránṣọ tó wà ní Fọlágbadé, ó máa gbà yín.” Bí ẹni tó sọ ọ́ kò bá tíì pe ará Fọlágbadé láti bi í, ohun kan péré ló ṣe, ó lé ẹ̀gbọ́n kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n yóò lo wákàtí méjì lójú ọ̀nà, yóò bá ìsọ̀ tó kún dẹ́nu, yóò sì rántí ẹni tó rán an. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti pe é tó sì ti sọ iye tí òun lè gba, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ìlérí àìdájú kò yàtọ̀ sí èyí. “Ẹ jẹ́ kí n wò ó”, “Ọlọ́run á ṣe é”, “Ẹ padà wá lọ́la”: ẹni tó ń sọ wọ́n gbà pé òun ti kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹni tó ń gbọ́ wọn sì gbà pé iṣẹ́ ti wọlé. Nínú gbogbo wọn, èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni “Ẹ ṣì fi síbẹ̀ ná.” Lóde aránṣọ, aṣọ tó bá sùn ní ìsọ̀ ti di iṣẹ́ tí wọ́n gbà. Ẹ̀gbọ́n yóò padà sílé, yóò yọ aṣọ èèyàn mẹ́jọ kúrò nínú ìṣirò tirẹ̀, kò sì ní bojú wẹ̀yìn mọ́ títí di ọjọ́ méjì sí Iléyá. Ní ọjọ́ náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi rọ́pò. Nítorí náà, àpò gínnì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbọ́n padà ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn, kódà ṣòkòtò mẹ́fà tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, títí wọn yóò fi gé e. Kí ọmọ iṣẹ́ àbúrò bá wọn gbé e dé ibi ọ̀kadà ni ó bọ̀wọ̀ fún àgbà jù.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yé ẹ̀gbọ́n kò ṣòro. Ẹni tó gbà á yóò fẹnu ara rẹ̀ tún iye àti ọjọ́ sọ: “Mẹ́fà, alẹ́ Ọjọ́rú. Ó dáa.” Ẹni tó kàn ní “Kò burú” tó sì dìde kò tíì gbà, ó lè jẹ́ pé ó ti bínú, ó sì lè jẹ́ pé ó ń rò pé òun yóò gbé mẹ́jọ wá ní Ọjọ́rú, kí ojú lè ti àbúrò kó sì gbà á. Ìpè kan lórí fóònù ní ọ̀sán Ọjọ́rú máa ń yanjú rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ya ọ̀la sọ́tọ̀ fún ṣòkòtò mẹ́fà yẹn. Ṣé ẹ ti gé wọn?” Bí wọn kò bá tíì gé wọn, ọjọ́ náà ṣì wà nípò rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí tí gígé yóò jẹ ń dín iye kù. Mẹ́fà lè di mẹ́rin, ó sì yẹ kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ nígbà náà, kì í ṣe ní Sátidé. Fífi ọmọ iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ sọ ọ́ kò tó. Ọmọdé kò lè dá àgbà lóhùn bó bá bi í pé kí ló dé, bó bá sì dáhùn, àrífín ni wọn yóò kà á sí.

Ó ku owó. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n pín báyìí, ẹ̀gbọ́n ló ni oníbàárà, òun ló wọn ara wọn, òun ló gé aṣọ. Bí ṣòkòtò bá kúrú nítorí gígé, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bó bá já ní ojú rírán, ará Mọ́lípà ni yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Iye orí ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Ọjọ́ Ajé, kí àbúrò sì gba owó rẹ̀ ní Sátidé tó bá ń kó ṣòkòtò fún ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n má ṣe so ó mọ́ ìgbà tí ẹgbẹ́ bá san tiwọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kì í gbé ìlú. Láti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, wọn yóò sì ti padà lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Owó aṣọ tí wọn kò bá san kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ lọ sójúde, ó lè di Iléyá ọdún tó ń bọ̀ kí aránṣọ tó rí i gbà.